Ọ̀dà Mélòó Ni Ògiri Inú Fọ́tò Yìí Máa Mu?

Ẹni tó ń kọ́lé sí Ìbàdàn láti Mànṣẹ́sítà á mọ irú fọ́tò yìí dáadáa. Ògiri iwájú ilé ni, wọ́n ti rẹ́ ẹ tán, fèrèsé ti wọlé, ilẹ̀kùn ti dúró, ọ̀dà nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ akunlé sì tẹ̀ lé fọ́tò náà lórí Wáàsáàpù: “Ọ̀gá, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni iwájú yìí máa gbà o.” Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan jẹ́ lítà 20, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó àpò ṣẹ́ẹ́tì. Kí ẹnikẹ́ni tó pe akunlé lólè, kó tó sì fowó ránṣẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ fọ́tò yẹn wò dáadáa, torí pé púpọ̀ nínú ìdáhùn náà wà nínú rẹ̀.

Ohun tí fọ́tò mọ̀ ni bí nǹkan kan ṣe tóbi sí èkejì. Ó lè sọ pé ìdajì gíga ilẹ̀kùn ni fèrèsé ga, ṣùgbọ́n kò lè dá sọ pé mítà mélòó ni èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀yin lẹ máa wá ohun kan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì jẹ́ ohun tó wà lára ògiri náà gan-an. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú ilé kò ṣeé lò. Ọmọ tó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú ògiri náà kò ṣeé lò, nítorí pé ó sún mọ́ fóònù ju ògiri lọ, ó sì máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwòrán. Ilẹ̀kùn ló dára jù. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ilé wa ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ìyẹn bíi mítà 2.1.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan ká ṣírò rẹ̀. Ẹ ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà kó kún ojú rẹ̀, ẹ má sì fẹ̀ ẹ́ tàbí sún un kì mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà. Ká ní ilẹ̀kùn ga ní sẹ̀ǹtímítà 4.2. Bí mítà 2.1 bá di sẹ̀ǹtímítà 4.2, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí kọ̀ǹpútà dúró fún ìdajì mítà lára ilé. Ẹ wọn ògiri náà: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, gígùn rẹ̀ jẹ́ 24. Ìyẹn ni mítà 3 sókè, mítà 12 sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi 3 sọ 12 di púpọ̀, ó di 36. Mítà onígun mẹ́rin 36 ni ògiri náà, bí a bá ka fèrèsé àti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó wá kan yíyọ kúrò. Fèrèsé ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.4 sókè àti sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn mítà 1.2 lọ́nà méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mítà onígun mẹ́rin 1.44, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 4.32. Fèrèsé kékeré ilé ìwẹ̀ jẹ́ mítà 0.6 lọ́nà méjèèjì, ó gba 0.36. Ilẹ̀kùn fẹ̀ ní mítà 0.9, ó sì ga ní 2.1, ó gba 1.89. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6.57. Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 36, ó ku bíi 29 àti ààbọ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì kù. Fèrèsé kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ògiri. Ó máa ń wọnú díẹ̀, ògiri sì máa ń yí i ká ní òkè, ní ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Etí inú yẹn pẹ̀lú ni akunlé máa kùn, bẹ́ẹ̀ fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú kò fi í hàn rárá. Ká ní fèrèsé wọnú ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin fèrèsé ńlá kan jẹ́ mítà 4.8 lápapọ̀, etí inú rẹ̀ sì jẹ́ 0.48. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 1.44. Ti fèrèsé kékeré jẹ́ 0.24. Ti ilẹ̀kùn, tí kò ní etí ìsàlẹ̀, jẹ́ 0.51. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 2 lọ díẹ̀. Ìdá mẹ́ta ohun tí a yọ ni ìdá kan ti padà wọlé yẹn! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣírò ohun èlò ilé kì í fi í yọ àwọn ihò tóóró: etí inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí wọn ìbá yọ. Ní ti ògiri wa, ẹ jẹ́ ká fi í sí 32.

Ní tèmi o, kì í ṣe fèrèsé ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mú yín ronú. Ilẹ̀kùn tí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n ni. Ká ní ilẹ̀kùn ilé yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà méje, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn onírin gíga kan tó tó mítà 2.4 ni wọ́n gbé síbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ ìdajì mítà mọ́. Gíga ògiri máa lé, gígùn rẹ̀ náà máa lé, nígbà tí ẹ bá sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, 36 máa di bíi 47. Àṣìṣe lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo fi mítà onígun mẹ́rin 11 kún ògiri, ó ju gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí a fara balẹ̀ yọ lọ. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹnìkan nílé fi téèpù wọn ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sì sọ fún yín bóyá férémù wà nínú ohun tó wọ̀n, torí ohun tó bá wọ̀n gan-an ni kí ẹ wọ̀n nínú fọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò náà ṣe kókó pẹ̀lú. Ẹni tó bá dúró sí igun ilé kan tó ya ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà tó sún mọ́ ọn á tóbi, ìhà kejì á sì kéré. Ẹ tètè lè mọ̀: ẹ wọn fèrèsé àkọ́kọ́, kí ẹ wọn èyí tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà lára ilé, tí ọ̀kan wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.8 lórí kọ̀ǹpútà, tí èkejì jẹ́ 2.0, ẹ gbé fọ́tò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bákan náà ni tí ògiri bá ń fún bó ṣe ń lọ sókè. Ẹni tó yà á gbé ojú fóònù wò òkè ni. Kí ẹni tó máa tún un yà dúró sí ọ̀kánkán àárín ògiri, kó fà sẹ́yìn tó bí àyè bá ṣe gbà á, kó mú fóònù dúró gbọnrangandan, kó má sì lo 0.5, torí pé ìyẹn máa ń tẹ etí àwòrán kọrọdọ. Bí ilé tó wà níwájú kò bá jẹ́ kó lè fà sẹ́yìn, kó ya ògiri ní apá méjì, kí téèpù tàbí igi tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ fara ti ògiri nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá ṣì ní fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ má pa á rẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù tí a ń lò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 ní gígùn àti 22.5 ní gíga. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn kún un, ìlà kọ̀ọ̀kan á ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ ka ìlà búlọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ dé òkè: méjìlá jẹ́ mítà 3. Ẹ ka búlọ́ọ̀kù inú ìlà kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ mítà 12. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju rúlà lọ, nítorí pé bí fọ́tò tilẹ̀ wọ́, iye búlọ́ọ̀kù kò yí padà.

Ó wá ku ọ̀dà fúnra rẹ̀. Lórí ògiri tó ti dán, lítà kan ẹmọ́ṣọ̀n máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yẹ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì wò fún ti irú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ògiri tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀, ara rẹ̀ tó rí háráhárá náà sì ń gba tirẹ̀. Fún kíkùn àkọ́kọ́ lórí irú rẹ̀, ó dáa kí ẹ fi 6 ṣírò dípò 10. Ògiri wa tó jẹ́ 32 á mu bíi lítà 5.3 lẹ́ẹ̀kínní, 3.2 lẹ́ẹ̀kejì, àpapọ̀ 8.5. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa kù sára rólà, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti fún àtúnṣe. Ó di lítà 9 àti díẹ̀. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 4, ti tó o.

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ọ̀nà tí ògiri kan yìí fi lè gba bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ẹmọ́ṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ akunlé kí ẹ tó bínú: ṣé iwájú ilé nìkan ló ń sọ, àbí gbogbo ìta? Ṣé ẹmọ́ṣọ̀n ni, àbí ọ̀dà oníyanrìn tó nípọn, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rìn jìnnà rárá? Ìdáhùn rẹ̀ lè sọ ìṣirò yín di òmíràn.

Òótọ́ kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́. Bí a kò bá tilẹ̀ yọ fèrèsé kankan, tí a fi 36 ṣírò, ó máa jẹ́ lítà 10 àti ààbọ̀, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta náà la ṣì máa rà. Lórí ògiri kan, yíyọ fèrèsé lè má yí ohun tí a máa rà padà. Lórí ilé tó ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, ìyàtọ̀ náà á di bíi lítà 12, ó ju ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ilé ìgbàlódé tí gíláàsì gba ìdajì iwájú rẹ̀ tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá yọ fèrèsé á ra ìlọ́po ohun tó nílò.

Tí ọ̀dà bá wá tètè tán, tàbí tó ń tó ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ wo omi. Akunlé máa ń fi omi díẹ̀ là á, ara bọ́kẹ́ẹ̀tì sì máa ń sọ bí omi náà ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n bá là jù á na dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ, àwọ̀ sìmẹ́ǹtì á máa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀sán lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe nígbà tó ṣì tutù. Ẹ sì ra ọ̀dà gbogbo ìta lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sára gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan, torí pé àwọ̀ tí wọ́n pò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Tí nọ́ńbà náà bá yàtọ̀, kí akunlé da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, kó rò ó pọ̀ dáadáa kó tó ti rólà bọ̀ ọ́.