Ìka Mẹ́ta Lórí Páàdì: Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Pààrọ̀ Ojú Iṣẹ́ Lórí Láptọ́ọ̀pù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù ló mọ̀ pé ìka kan ló ń darí ọfà lórí páàdì, ìyẹn àyè pẹlẹbẹ tó wà níwájú kíbọọ̀dù, àti pé ìka méjì ló ń yí ojú ìwé lọ sókè sódò. Ìka mẹ́ta àti mẹ́rin ni kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn gan-an ló wúlò jù fún ẹni tó máa ń ṣí fèrèsé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Windows 11, tó jáde ní 2021, ènìyàn lè pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ṣe bó bá fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, sókè tàbí sísàlẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé-iṣẹ́ ń fi ọ̀nà tó dára jù sí ibi tí ọwọ́ kì í fẹ́ dé.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìka mẹ́ta tí a fà sí ẹ̀gbẹ́ ló ń pààrọ̀ áàpù, ìka mẹ́rin ló sì ń pààrọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí à ń wí yìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì o. Láti ìgbà tí Windows 10 ti dé ní 2015 ni ènìyàn ti lè ní ojú iṣẹ́ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní fèrèsé tirẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí ọ̀kan kò ní rí fèrèsé tó wà lórí èkejì, àfi tó bá lọ síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Àkójọ áàpù kì í dúró sójú kan. Fèrèsé tí ẹ lò kẹ́yìn ló máa ń bọ́ síwájú, èyí tí ẹ lò ṣáájú rẹ̀ á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń kọ ìwé, tí ẹ yà sí WhatsApp, tí ẹ tún wo Chrome fìrí, ètò náà ti yí padà, ẹ sì ní láti fojú wá ohun tí ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n dẹ́sítọ́ọ̀pù kì í kúrò ní ipò rẹ̀ bí ẹ kò bá gbé e kúrò. Èkíní wà ní òsì, èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta wà ní ọ̀tún. Bí ẹni tó mọ ibi tí ike iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná ṣe ń nawọ́ mú un nígbà tí iná bá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ṣe ń mọ ọ̀nà dẹ́sítọ́ọ̀pù láìjẹ́ pé ojú bá a wá a. Ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ yìí ni wọ́n wá fi sí orí ìka mẹ́rin, tó nira láti tò sórí páàdì kékeré. Ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀ wọn.

Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Bluetooth & devices, lẹ́yìn náà Touchpad. Ẹ ó rí Three-finger gestures àti Four-finger gestures níbẹ̀. Ẹ ṣí ti ìka mẹ́ta, kí ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ Swipes sí. Switch apps and show desktop ló máa wà nínú rẹ̀. Ẹ yí i sí Switch desktops and show desktop. Ẹ wá ṣí ti ìka mẹ́rin, kí ẹ sì gbé èyí tí ẹ yọ níbi ìka mẹ́ta sínú rẹ̀. Kò sí bọ́tìnì ìfipamọ́ kankan láti tẹ̀. Bí ẹ bá ti yàn án, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi iṣẹ́ obìnrin kan tó ń kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fíìmù Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Fíìmù ń ṣí lápá kan, fáìlì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí wà lápá kejì. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un ń kọ̀wé sí i lórí WhatsApp àti ímeèlì. Ó tún ní ìwé ìṣirò tó ń kọ owó iṣẹ́ sí, àti Chrome tó fi ń wá ìtumọ̀ òwe tó bá ta kókó. Fèrèsé mẹ́fà nìyẹn, gbogbo wọn sì kóra jọ sórí ojú kan.

Obìnrin yìí á kọ́kọ́ fa ìka mẹ́ta sókè. Gbogbo fèrèsé á hàn, àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù á sì tò sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àmì New desktop. Á tẹ àmì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè di mẹ́ta. Á tẹ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀: Fíìmù, Ìwádìí, Àwọn Èèyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ọfà wọ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tó yẹ ẹ́. Fíìmù àti fáìlì ọ̀rọ̀ á dúró sí àkọ́kọ́. Chrome á lọ sí àárín. WhatsApp, ímeèlì àti ìwé ìṣirò á wà ní ìkẹyìn. Mo gbà á níyànjú pé kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ẹ̀yìn tó yàtọ̀, nítorí Windows 11 gbà á láàyè, àwọ̀ á sì ti sọ fún ojú ibi tó wà kí ó tó ka ohunkóhun.

Láti ìgbà yẹn lọ, bí òwe kan bá ta kókó, yóò fa ìka mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé Chrome. Bó bá fà á padà, ó ti dé ẹnu iṣẹ́. Ibi tí ètò yìí ti wá dùn mọ́ mi jù ni ìka mẹ́rin. Àkójọ kan náà tí Alt+Tab ń gbé jáde ni ìka mẹ́rin ń gbé jáde báyìí, fèrèsé dẹ́sítọ́ọ̀pù tí a wà lórí rẹ̀ nìkan ni àkójọ yẹn sì máa ń fi hàn bí a kò bá tíì yí i padà. Lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù Fíìmù, méjì péré ni. Bí ìka mẹ́rin bá yára kọjá lórí páàdì, yóò máa lọ láti orí fíìmù sí orí ọ̀rọ̀, láti orí ọ̀rọ̀ sí orí fíìmù. Àkójọ tó ń dàrú tẹ́lẹ̀ kò tún rí ibi dàrú sí mọ́. Bí ojú ìwé Edge bá ń yọjú sáàárín wọn, ẹ lọ sí Settings, System, Multitasking, kí ẹ sì yan Don't show tabs.

Nǹkan méjì ṣì kù tó lè fi kún un. Lábẹ́ Three-finger gestures, àpótí Taps ń sọ ohun tí ìka mẹ́ta ń ṣe bí a bá fi wọ́n kan páàdì fẹ́ẹ́ láìfà. Bó bá yan Play/pause, fíìmù á máa dúró, á sì máa bẹ̀rẹ̀, láìkúrò nínú fáìlì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Áàpù ìwofíìmù tó máa ń gbọ́ràn sí bọ́tìnì ìdádúró orí kíbọọ̀dù nìkan ni èyí ń ṣiṣẹ́ fún. Èkejì wà nínú Advanced gestures, níbi tí a ti lè to ọ̀kọ̀ọ̀kan ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀. Ní ìhà ìsàlẹ̀ ti ìka mẹ́rin, kí ó yan Custom shortcut, kí ó tẹ Start recording, kí ó tẹ Ctrl+S, kí ó sì tẹ Stop recording. Fífa ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ ti di ìfipamọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Fún ẹni tí iná lè já mọ́ lọ́wọ́ nígbàkígbà, èmi kì bá fi èyí sílẹ̀ láìṣe.

Ìṣòro kan tó máa ń jẹ yọ ni kí ojú ìwé máa yí lọ sókè sódò dípò kí dẹ́sítọ́ọ̀pù yí padà. Ìka méjì ni ẹ̀rọ kà nígbà yẹn. Bí àwọn ìka bá lẹ̀ mọ́ra jù, páàdì lè rí méjì bí ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá sì pẹ́ kó tó balẹ̀, àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ la ìka sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó fà wọ́n. Ọwọ́ tó lómi tàbí tó ní epo náà máa ń dà á láàmú. Bí ìka mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ tí mẹ́rin kò ṣiṣẹ́ rárá, ó lè jẹ́ pé páàdì yẹn kò lè ka ju mẹ́ta lọ, nítorí irú wọn wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fà á dáadáa tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ wò ó bóyá dẹ́sítọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ẹ ní, tàbí bóyá ẹ ti dé ìpẹ̀kun. Windows kì í yí po láti ìkẹyìn padà sí àkọ́kọ́.

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mìíràn, ẹ ó dé ojú ewé Touchpad, ẹ kò sì ní rí Three-finger gestures níbẹ̀ rárá. Páàdì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí Windows ń darí fúnra rẹ̀. Ètò ilé-iṣẹ́ tó ṣe páàdì náà ló ń darí rẹ̀. Inú áàpù ilé-iṣẹ́ yẹn ni ẹ ó ti wá ètò ìka, ohun tí ẹ ó sì rí níbẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó báyìí. Kíbọọ̀dù ò lè já yín kulẹ̀ ṣá: Ctrl+Windows pẹ̀lú ọfà òsì tàbí ọ̀tún ń pààrọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ní Windows 10 tàbí 11.

Ẹ má sì ṣe rò pé pípín fèrèsé sí dẹ́sítọ́ọ̀pù mẹ́ta yóò mú kí ẹ̀rọ yára. Gbogbo fèrèsé ló ṣì wà ní ṣíṣí, gbogbo wọn ló sì ń jẹ mẹ́mọ́rì. Lórí ẹ̀rọ tó ní mẹ́mọ́rì 4 GB, ó sàn kí ẹ pa ohun tí ẹ kò lò dé. Bí ẹ bá pa dẹ́sítọ́ọ̀pù kan rẹ́, fèrèsé tó wà lórí rẹ̀ kò ní bá a lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò kó sí. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún tàn án, dẹ́sítọ́ọ̀pù àti orúkọ wọn á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò tún àwọn áàpù ṣí.

Ti ojú ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ kàn yàtọ̀. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní Windows 11, ìka mẹ́ta ń pààrọ̀ áàpù, ìka mẹ́rin ń pààrọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù, kò sì sí ibi tí a ti lè yí wọn padà fún ara wọn nínú Settings. Títàn án tàbí pípa á nìkan ló wà: Settings, Bluetooth & devices, Touch, kí ẹ sì wo Three- and four-finger touch gestures. Ẹni tó ń yàwòrán tàbí tó ń tẹ dùùrù lórí ojú ẹ̀rọ lè ní láti pa á, torí áàpù tirẹ̀ náà nílò ìka mẹ́ta, Windows á sì máa já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì yín bá ní kíbọọ̀dù tó ní páàdì, orí páàdì yẹn ni kí ẹ to tiyín sí, nítorí ètò páàdì àti ti ojú ẹ̀rọ kò dí ara wọn lọ́wọ́.