Bí Síláìdì Ààbò Ṣe Ń Di Ìwé Àyẹ̀wò Lẹ́bàá Àkàbà

Síláìdì tí wọ́n fi ń dá òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ nípa ààbò ní sáìtì ìkọ́lé máa ń kó òfin, àlàyé àti ìkìlọ̀ pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ìwé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èyí tí òṣìṣẹ́ kàn ní láti mọ̀ yóò dúró sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè dì mú, tàbí tí a lè wọ̀n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò wọ inú ìwé.

Bí àpẹẹrẹ, síláìdì lè sọ pé: “Àkàbà gbọ́dọ̀ dára, kó sì dúró dáadáa.” Kò sẹ́ni tí kò ní sàmì sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí “dáadáa” kò ní òṣùwọ̀n. Tí a bá tú u palẹ̀, ó lè di báyìí:

☐ Gbogbo ìdábùú àkàbà pé, ìkankan kò sì mì.
☐ Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú.
☐ Fún mítà 4 tí àkàbà bá fi ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri.
☐ Orí àkàbà fi bíi mítà 1 yọ kọjá ibi tí a ń gùn lọ.
☐ A ti so orí àkàbà mọ́ ohun tó dúró ṣinṣin.

Bí ẹsẹ̀ àkàbà bá sún mọ́ ògiri jù, ó lè dà sẹ́yìn. Bó bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ̀. Níbi tí kò bá sí téèpù, kí òṣìṣẹ́ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ àkàbà, kó dúró ṣánṣán, kó sì na ọwọ́ síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yẹ kó kan ìdábùú tó wà ní ọ̀gangan èjìká.

Gbogbo ìlà ni a kọ lọ́nà tí àmì yóò fi túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Bí ìlà kan kò bá ní àmì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun àkàbà náà títí fọ́máànù yóò fi tún un ṣe. Ìmọ̀ràn pé kí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, máa kan àkàbà nígbà gbogbo kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò tíì gùn ún kò lè sàmì sí i. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ìyẹn ń gbé.

Kí wọ́n tó tẹ ìwé náà, kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tí kò sí níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, kí wọ́n sì máa wò ó láìsọ̀rọ̀. Ìlà tó bá ti dúró béèrè ìtumọ̀ ni kí wọ́n tún kọ.

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni kí òṣìṣẹ́ sàmì sí gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì. Ìwé ọjọ́ tí òjò rọ̀ tó sọ pé ilẹ̀ le níbi gbogbo yẹ kó fura sí ni lójú. Kí fọ́máànù mú ìwé kan àti téèpù, kó lọ sídìí àkàbà kan ṣoṣo, kó sì wọ̀n ọ́n. Bí òṣùwọ̀n bá ta ko àmì, wọn kò ṣe àyẹ̀wò náà.