Igi Agbára Inú Géèmù

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìjà orí kọ̀ǹpútà, igi kan wà tí atàyò máa ń ti ìdí rẹ̀ gùn lọ sókè. Bí akọni rẹ̀ bá ṣe ń dàgbà ni yóò máa rí póìntì gbà, póìntì náà ni yóò sì fi ra agbára lórí ẹ̀ka tó bá wù ú. Èyí tó rọrùn jù fún ẹni tó ń ṣe géèmù láti gbé sórí ẹ̀ka ni àfikún lásán: kí idà fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mú sí i. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìyẹn, kì í ṣe yíyàn. Ẹnì kan á ṣírò èyí tó pọ̀ jù, àwọn yòókù á dà á kọ.

World of Warcraft, tó jáde ní 2004, kún fún irú àfikún kéékèèké bẹ́ẹ̀. Ní 2012, iléeṣẹ́ Blizzard gé igi náà lulẹ̀, wọ́n fi ìpele mẹ́fà rọ́pò rẹ̀. Lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ni atàyò lè mú nínú agbára mẹ́ta.

Path of Exile, géèmù àwọn ará New Zealand tó jáde ní 2013, gba ọ̀nà mìíràn. Igi tirẹ̀ tóbi gan-an, àmọ́ àwọn ẹ̀ka mélòó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni ni wọ́n ń fi tòsì gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni Resolute Technique: ọ̀tá kò lè yẹ ọwọ́ ẹni tó bá mú un mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni náà kò ní ṣe kòńgẹ́ ibi tó ti ń pani lára jù láé.

Ká ní idà jagunjagun kan ń gba ẹ̀jẹ̀ 100, tó ń bá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó bá sì ń jẹ́ ìlọ́po méjì. Tí a bá pín in dọ́gba, 88 ni ìjù kọ̀ọ̀kan. Resolute Technique á sọ ọ́ di 100. Ẹlòmíràn ti fi póìntì rẹ̀ wá ìlọ́po méjì títí ó fi di ìdajì: 120 ni tirẹ̀, bó bá mú ẹ̀ka kan náà, á já wálẹ̀ sí 100. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ààlà wọn. Ohun tí atàyò ti mú tẹ́lẹ̀ ló ń sọ bóyá ẹ̀ka náà dára fún un. Kò sí ìdáhùn kan tí gbogbo ayé lè dà kọ.

Àfikún kéékèèké kò tìtorí èyí di ohun ìdànù. Nínú Path of Exile, àwọn ni ojú ọ̀nà tó so àwọn ẹ̀ka ńlá pọ̀, póìntì tí wọ́n ń jẹ ló sì ń mú kí ẹ̀ka tó jìnnà wọ́n.

Ẹni tó ń ṣe géèmù á tètè mọ̀ bí igi rẹ̀ bá ti kú: á rí i pé ẹ̀ka kan náà ni gbogbo ènìyàn ń mú, tàbí pé ẹni tó mú un ṣì ń jà bó ṣe ń jà lánàá. Ìbẹ̀rù náà tún ń fa àdàkọ. Bí àtúnyàn kò bá ṣeé ṣe, kò sẹ́ni tó máa dán ohun tuntun wò. Ìdí nìyẹn tí Orb of Regret fi wà nínú Path of Exile, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń dá póìntì padà: ẹni tó ṣì yàn lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n á ná an ní nǹkan.