Nọ́ńbà Kékeré Ẹ̀gbẹ́ Páálí: Bí A Ṣe Ń Yan Gílóòbù àti Fáànù

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí gílóòbù kọ́ ló yẹ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ. Ní Adja-Ouèrè, títí dé Ikpinlè àti Massè, ẹni tó bá fẹ́ ra gílóòbù LED lè bá páálí tí wọ́n kọ 100W sí níwájú pàdé, kí 12W sì fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 12 yẹn ni iná tí gílóòbù náà ń jẹ. 100 kàn ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 100. Àfiwé yìí sì máa ń ní àsọdùn nínú: gílóòbù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń tan tó lúmẹ̀nì 1300, nígbà tí ọ̀pọ̀ LED oníwáàtì 12 kò ju nǹkan bí 1100 lọ.

Wáàtì ni ohun tí à ń san owó rẹ̀ fún SBEE. Lúmẹ̀nì ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń rà. Ẹ wá lm lára páálí, kí ẹ fi W pín in. Ká ní gílóòbù kan kọ 9W àti 810 lm, ìkejì kọ 12W àti 840 lm. Àkọ́kọ́ ń fún wa ní lúmẹ̀nì 90 lórí wáàtì kan, ìkejì ń fún wa ní 70. Ojú èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn nínú yàrá, ṣùgbọ́n ìkejì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ iná ju àkọ́kọ́ lọ. Gílóòbù àtijọ́ kì í ju bíi 13 lórí wáàtì kan lọ, ooru ni ó ń sọ ìyókù dà. Páálí tí kò bá kọ lm rárá, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Bí gílóòbù olówó pọ́ọ́kú bá sì ní òun ń fúnni ní lúmẹ̀nì 200 lórí wáàtì kan, èmi kò ní gbà á gbọ́.

Ní ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe àṣẹ lórí ìwọ̀n tí gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí, àti lórí àmì tí yóò máa wà lára wọn. Fáànù kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí owó ń gbà lọ jù nìyẹn lójú tèmi. Ẹni tó ti ń lo gílóòbù wáàtì 9 kò ní èrè púpọ̀ mọ́ nídìí gílóòbù. Ṣùgbọ́n fáànù òkè àjà tó ń jẹ wáàtì 75, tó ń yí fún wákàtí 10 lóru, yóò jẹ kílówáàtì-wákàtì 22.5 lóṣù. Èyí tó ní mọ́tò BLDC, tó ń jẹ wáàtì 30, yóò jẹ 9 péré. Ẹ fi iye tó wà lórí rìsíìtì yín sọ 13.5 tó ṣẹ́kù di owó, kí ẹ wò ó bóyá yóò dí àlékún tí wọ́n gbé lé orí fáànù náà láàárín ọdún bíi mélòó kan.

Atẹ́gùn ni lúmẹ̀nì ti fáànù. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní m³/min. Bí fáànù wáàtì 75 bá ń fẹ́ 225, 3 ló ń fún wa lórí wáàtì kan. Bí ti wáàtì 30 bá ń fẹ́ 210, 7 ni. Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń fún fáànù ní ìràwọ̀ ní Íńdíà, níbi tí àmì náà ti di dandan láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ má jẹ́ kí RPM tàn yín: apá kúkúrú tó ń yára yí lè má fẹ́ atẹ́gùn tó èyí tó gùn tó sì ń rọra yí.

Bí páálí bá purọ́, mítà ilé kò ní purọ́. Lára mítà tuntun, iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ nǹkan bíi 1600 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iná náà bá ṣẹ́jú nígbà 1600, kílówáàtì-wákàtì kan ni a ti jẹ. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń jẹná, títí kan fíríìjì àti ṣájà fóònù, kí ẹ fi fáànù nìkan sílẹ̀ kó máa yí dé góńgó. Ẹ ka iye sẹ́kọ́ńdì tó wà láàárín ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan àti ìgbà tó tún ṣẹ́jú, kí ẹ fi pín 2250. Sẹ́kọ́ńdì 30 túmọ̀ sí wáàtì 75. Sẹ́kọ́ńdì 75 túmọ̀ sí wáàtì 30. Bí 1000 ni wọ́n kọ sára mítà, 3600 ni kí ẹ fi rọ́pò 2250.

Lára mítà 1600, gílóòbù wáàtì 9 kan yóò pẹ́ ju ìṣẹ́jú aago 4 kó tó mú iná náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ẹ tan márùn-ún pọ̀: ó yẹ kó ṣẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì 50 sí 50. Bó bá ń ṣẹ́ ní 35, wọ́n ń jẹ tó wáàtì 13 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa páálí mọ́ títí ẹ ó fi ṣe ìwọ̀n yìí, torí ara rẹ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ ó fi han ẹni tó tà á wà.