Pupa àbí Búlúù: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Máàsìkì Méjì Tó Wáyà Inú Ṣíìpù

Ṣíìpù A8 tó wà nínú fóònù iPhone 6, tó jáde lọ́dún 2014, wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ TSMC ní Táíwàn fi ìlànà 20 nánómítà ṣe. Wáyà inú irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì há mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n kò lè tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní láti tẹ àwọn ìpele tó há jù lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, ìbéèrè kan wà tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn: ṣé a lè pín àwọn wáyà náà sí ọ̀wọ́ méjì, kí méjì tó sún mọ́ra jù má ṣe bọ́ sínú ọ̀wọ́ kan náà?

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Wọ́n á fi kẹ́míkà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń yí padà pa ojú sílíkọ̀nì pẹlẹbẹ kan. Wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ lésà gba inú gíláàsì kan tí wọ́n ti ya àwòrán wáyà sí lára. Gíláàsì yìí ni wọ́n ń pè ní máàsìkì. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà gùn tó 193 nánómítà. Bí wọ́n tilẹ̀ da omi sáàárín lẹ́ǹsì àti sílíkọ̀nì kí àwòrán lè mú sí i, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Láti àárín wáyà kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e, bí àyè náà kò bá tó nǹkan bí 80 nánómítà, àwòrán á ṣú, wáyà méjì á lẹ̀ mọ́ra, iná á sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n pín àwòrán kan sórí máàsìkì méjì. Máàsìkì àkọ́kọ́ á tẹ díẹ̀ lára àwọn wáyà, á fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ìkejì á wá tẹ ìyókù sínú àyè náà. Lórí máàsìkì kọ̀ọ̀kan, gbogbo wáyà jìnnà síra tó. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwòrán ló gbà á.

Láti mọ èyí tó gbà á, ẹ jẹ́ ká gbàgbé bí wáyà ṣe gùn àti bó ṣe tẹ̀. Ká fi àmì róbótó kan dúró fún wáyà kọ̀ọ̀kan, ká sì fa okùn láàárín àmì méjì tí wáyà wọn bá sún mọ́ra jù. Àwòrán àmì àti okùn yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní gíráàfù. Bí a bá lè kun àmì kọ̀ọ̀kan ní pupa tàbí búlúù, tí okùn kankan kò sì so pupa mọ́ pupa tàbí búlúù mọ́ búlúù, gíráàfù náà jẹ́ alápá méjì. Àwọn pupa á lọ sórí máàsìkì kìíní, àwọn búlúù á lọ sórí ìkejì.

Ẹ wo wáyà méje kan, tí a sọ ní 1 títí dé 7. Wáyà 1 sún mọ́ 2 àti 3 jù. Wáyà 2 sún mọ́ 4, 3 sún mọ́ 5, 4 àti 5 sún mọ́ 6, 6 sì sún mọ́ 7. Kọ̀ǹpútà á kun 1 ní pupa, á sì fi í sórí láìnì. Láìnì yìí dà bíi ti ilé ìfowópamọ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹni tuntun á sì lọ tò sẹ́yìn. Nígbà tó bá kan 1, kọ̀ǹpútà á wo àwọn tí okùn so mọ́ ọn. Kò tíì sí àwọ̀ lára 2 àti 3, nítorí náà á kùn wọ́n ní búlúù, wọ́n á sì tò sẹ́yìn láìnì. Tó bá kan 2, á rí i pé 1 ti jẹ́ pupa, ìyẹn kò sì ní wàhálà nínú; á wá kun 4 ní pupa. Bẹ́ẹ̀ ni 3 á ṣe fún 5. Lẹ́yìn náà ni 4 á kun 6 ní búlúù. Nígbà tí 5 bá dé iwájú, á bá 6 ní búlúù, èyí tó bá pupa tirẹ̀ mu. Ìkẹyìn ni 7, pupa ni. Láìnì tán, kò síjà. Máàsìkì kan á gbé 1, 4, 5 àti 7. Èkejì á gbé 2, 3 àti 6.

Ká wá sọ pé ẹni tó ń ya àwòrán náà fẹ́ gba àyè díẹ̀ sí i, ó wá sún wáyà 5 mọ́ 4. Okùn tuntun kan ti wà láàárín 4 àti 5 báyìí. Kọ̀ǹpútà á tún bẹ̀rẹ̀: 1 pupa, 2 àti 3 búlúù, 4 àti 5 pupa. Nígbà tó bá kan 4, tó sì wo 5, á rí i pé pupa ni òun náà. Ibẹ̀ ló parí sí. Kò sí àtúntò kankan tó lè gbà á là.

Ẹnìkan lè bi í pé: báwo ló ṣe dá kọ̀ǹpútà lójú tó bẹ́ẹ̀? Bóyá ká ní 4 la ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ká ní a kọ́kọ́ lo búlúù, ì bá yọrí sí rere. Ìdáhùn rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí láìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ mú kí kíkùn náà máa lọ ní ìpele-ìpele: 1 nìkan ló wà ní ìpele àkọ́kọ́, 2 àti 3 ní ìpele tó tẹ̀ lé e, 4 àti 5 ní ẹ̀yìn wọn. Okùn kankan kò lè fo ìpele kan dá, nítorí pé ẹni tí okùn so mọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà ní ìpele rẹ, tàbí èyí tó ṣáájú, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀ sì ń yí padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí okùn bá so àwọ̀ kan náà pọ̀, inú ìpele kan náà ni àmì méjèèjì wà. Ẹ wá tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ padà sẹ́yìn: 4 gba ọ̀dọ̀ 2 wá láti 1, 5 gba ọ̀dọ̀ 3 wá láti 1. Iye okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba títí dé ibi tí wọ́n ti pàdé, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ẹ fi okùn 4 sí 5 kún un, ó di márùn-ún. Òbíríkítí olókùn márùn-ún ni: 1, 2, 4, 5, 3, padà sí 1.

Ẹ gbìyànjú láti fi pupa àti búlúù yí òbíríkítí bẹ́ẹ̀ ká, kò sí ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ tí ìkẹyìn kò ní bá ìkíní jà. Dénes Kőnig, onímọ̀ ìṣirò ará Họ́ngárì tó kọ ìwé kan lórí gíráàfù lọ́dún 1936, ni a ń ka àbájáde náà sí: gíráàfù jẹ́ alápá méjì bí kò bá ní òbíríkítí kankan tí iye okùn rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bó bá sì ní ẹyọ kan ṣoṣo, kì í ṣe alápá méjì mọ́. Nítorí náà, ìjà tí kọ̀ǹpútà rí kì í ṣe àṣìṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ni.

Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìlà díẹ̀ lọ ní èdè Páítọ́nì:

```python
from collections import deque

def da_awo(aladugbo):
    awo = {}
    for ibere in aladugbo:
        if ibere in awo:
            continue
        awo[ibere] = 0
        laini = deque([ibere])
        while laini:
            u = laini.popleft()
            for v in aladugbo[u]:
                if v not in awo:
                    awo[v] = 1 - awo[u]
                    laini.append(v)
                elif awo[v] == awo[u]:
                    return None, (u, v)
    return awo, None
```

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `for ibere` ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti àmì kan, láìnì á tán, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti dára. Ṣùgbọ́n lórí ṣíìpù, ọ̀wọ́ wáyà kan lè wà ní ìkángun kan tí okùn kankan kò so mọ́ ìyókù. Láìnì kò ní dé ibẹ̀ láé, ìjà tó bá sì wà níbẹ̀ á fara pamọ́ títí wọ́n á fi tẹ ṣíìpù náà jáde. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le: tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ka iye àmì tó ní àwọ̀. Bí kò bá tó gbogbo àmì, nǹkan ṣẹ́ kù. Àǹfààní kan wà lára ọ̀wọ́ tó dá dúró bẹ́ẹ̀ o: a lè pààrọ̀ pupa àti búlúù rẹ̀ pátápátá láì ba ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń lò ó kí iye wáyà orí máàsìkì méjèèjì má bàa yàtọ̀ síra jù.

Iṣẹ́ náà kì í pẹ́ rárá. Àmì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sórí láìnì lẹ́ẹ̀kan péré, okùn kọ̀ọ̀kan sì ni a ń wò lẹ́ẹ̀mejì, láti orí kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, tí okùn jẹ́ mílíọ̀nù méjì, wíwò okùn kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ.

Títún ìjà ṣe ló gba làákàyè. Okùn tí kọ̀ǹpútà tọ́ka sí, ìyẹn `(4, 5)`, kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Ibi tí ìjà ti hàn ni. Ẹnìkan lè rò pé bí òun bá sún wáyà 1 kúrò lẹ́bàá 2, òbíríkítí olókùn márùn-ún yẹn á já, ó sì máa já lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa: 4, 5 àti 6 ti di onígun mẹ́ta, olókùn mẹ́ta, ìyẹn kò sì gba pupa àti búlúù bákan náà. Òbíríkítí méjèèjì ló gba orí okùn 4 sí 5 kọjá, nítorí náà ibẹ̀ ni kí wọ́n gé, kí wọ́n dá wáyà 5 padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Níbi tí kò bá sí àyè, wọ́n lè gé wáyà kan sí méjì, kí ìdajì wà lórí máàsìkì kìíní, ìdajì lórí ìkejì, kí orí wọn gun ara wọn díẹ̀. Bí máàsìkì méjèèjì kò bá wá bára mu dáadáa nígbà títẹ̀, ojú ìrànpọ̀ yẹn lè tín-ín-rín jù tàbí kó já, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹra fún un.

Ẹnìkan á ní, ṣé wọn kò kúkú lè fi máàsìkì kẹta kún un? Wọ́n máa ń ṣe é, onígun mẹ́ta 4, 5, 6 á sì yanjú wẹ́rẹ́. Àmọ́ ìbéèrè náà ti yí padà. Pẹ̀lú àwọ̀ méjì, bí àmì kan bá jẹ́ pupa, aládùúgbò rẹ̀ kò ní yíyàn kankan, búlúù ni. Pẹ̀lú mẹ́ta, aládùúgbò náà lè mú ọ̀kan nínú méjì, kọ̀ǹpútà á mú èyí tó bá a, ó sì lè kábàámọ̀ rẹ̀ níwájú, kó padà sẹ́yìn wá mú èkejì. Lọ́dún 1973 ni Larry Stockmeyer fi hàn pé ìṣòro àwọ̀ mẹ́ta yìí wà lára àwọn tí a ń pè ní NP-complete, kódà fún gíráàfù tí okùn rẹ̀ kò kọjá lórí ara wọn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà tó yá bíi ti láìnì tó sì dájú fún gbogbo àwòrán. Nítorí náà, àwọn ètò ìṣirò tó ń pín wáyà sórí máàsìkì mẹ́ta máa ń kọ́kọ́ yọ àwọn àmì tí okùn ara wọn kò tó mẹ́ta kúrò, nítorí pé àwọ̀ kan kò ní ṣàì ṣẹ́ kù fún irú wọn. Wọ́n á pín èyí tó kù sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì máa gbìyànjú ìyàn kan lẹ́yìn òmíràn lórí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan.