Ìlà MR: Ibi Tí Máàkì Ti Ń Jò Nínú Ìdánwò Ọrọ̀-Ajé

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdánù máàkì lórí ìbéèrè nípa ọjà, àlàyé kọ́ ló sábà máa ń fà á. Àwòrán ni. Ó lè kọ ọ́ ketekete pé ẹni tó ń dá ọjà tà máa ń gbówó lé ọjà, kó sì wá ya àwòrán tó ń sọ òdìkejì sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìlà tó máa ń dàrú jù lọ ni ìlà owó àfikún, èyí tí wọ́n máa ń kọ MR sí lára: owó tó ń ti ara ọjà kan ṣoṣo tí a tà lé ti tẹ́lẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan tí a lè fojú rí. Ní àdúgbò tuntun kan, ẹnì kan ṣoṣo ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ilé ti ń ra omi. Ká ní báyìí ni iye owó àti iye kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń rà lójúmọ́ ṣe bára mu:

P = 200 − 2Q

P ni owó kẹ́ẹ̀gì kan ní náírà, Q ni iye kẹ́ẹ̀gì. Bó bá ta á ní 200, ẹnikẹ́ni ò ní rà. Bó bá ń bu ú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ̀gì 100 ni wọn yóò gbé lọ. Ká tún ní epo tí ẹ̀rọ ń jẹ lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 náírà, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Èyí ni ìnáwó àfikún, MC, ìlà rẹ̀ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bó bá ń ta kẹ́ẹ̀gì ní 120, ogójì ni yóò tà, 4,800 náírà ni yóò sì wọlé. Bó bá fẹ́ ta ẹyọ kan sí i, ó gbọ́dọ̀ já a sí 118. Àmọ́ kì í ṣe oníbàárà tuntun nìkan ni yóò san 118, gbogbo wọn ni. Owó tó wọlé di 4,838. Kẹ́ẹ̀gì tó fi kún un mú 38 wá, kì í ṣe 118, torí pé ó ti fi náírà méjì méjì sílẹ̀ lórí ogójì tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fa MR sísàlẹ̀ ìlà ìbéèrè nìyẹn.

Nínú ìdọ́gba, MR = 200 − 4Q. Orí 200 kan náà ni òun àti ìlà ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìlọ́po méjì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ ju ìyẹn lọ, ó sì kan ìlà ìsàlẹ̀ ní 50, nígbà tí ìlà ìbéèrè ṣì ń lọ sí 100. Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Àwọn kan máa ń fa ìlà méjèèjì lọ ní ìbákẹ́gbẹ́, bíi rélùwéè. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí méjèèjì pàdé ní 100. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le: fi rúlà fa ìlà tó tẹ́ láti orí owó èyíkéyìí dé ìlà ìbéèrè, MR gbọ́dọ̀ gé e sí méjì ọgbọọgba. Ní 120, ìlà ìbéèrè wà ní 40, MR sì wà ní 20. Àmọ́ ìlà ìbéèrè tó bá gún régé nìkan ni òfin yìí wà fún. Bó bá tẹ̀ kọrọdọ, kò sí ẹni tó ní kí ẹ gé e sí ìdajì.

Àṣìṣe kejì ló ń dunni jù, torí ìṣirò ti tọ́ tán kó tó dé. MR pàdé MC ní kẹ́ẹ̀gì 40. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo ibi tí wọ́n ti pàdé, á fa ìlà sí apá òsì, á sì kọ 40 náírà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń ta omi. Ìyẹn ni pé olómi ń ta omi ní iye tí epo ná an, kò jèrè kọ́bọ̀! Iye kẹ́ẹ̀gì nìkan ni ibi ìpàdé yẹn ń sọ. Kí a tó mọ owó, a ní láti gòkè tààrà dé ìlà ìbéèrè, níbi tí 120 wà.

Kíkùn wá kù. Èrè àwọn oníbàárà ni onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ ìlà ìbéèrè, lókè 120: 1,600 náírà. Ti olómi ni onígun mẹ́rin tó wà láàárín 120 àti 40, láti òdo dé kẹ́ẹ̀gì 40: 3,200. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí pé bí owó gbígbẹ́ kànga bá wà nínú ìbéèrè, onígun mẹ́rin yìí kì í ṣe èrè àjẹgbádùn; ìpíndọ́gba ìnáwó, AC, ni a ó fi wọn èrè, kì í ṣe MC. Òfò tí kò bọ́ sápò ẹnikẹ́ni ló ṣẹ́ kù. Ó jẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì 40 dé 80, tí àwọn èèyàn ì bá san ju owó epo lọ láti rà, àmọ́ tí a kò tà fún wọn. Ìlà ìbéèrè ni òrùlé rẹ̀, MC ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́ 1,600.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kun àárín MR àti MC dípò èyí. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ MR, lókè MC, láti òdo dé 40, jẹ́ 3,200 gééré. Èrè olómi yẹn náà ni, tí a tún wọ̀n lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá kun òun àti onígun mẹ́rin ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Láti mọ̀ bóyá kíkùn tọ́, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1,600, 3,200 àti 1,600 jẹ́ 6,400, èyí tí í ṣe èrè àwọn oníbàárà ká ní kànga pọ̀ ládùúgbò tí wọ́n sì ń ta omi ní 40. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibì kan ti di ìlọ́po.

Nínú ọjà ìdíje pípé, àgbẹ̀ kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè yí owó àgbàdo padà, nítorí náà MR rẹ̀ tẹ́ lórí iye tí ọjà ń tà á. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá èrè oníbàárà lórí àwòrán àgbẹ̀ kan. Kò sí níbẹ̀. Àwòrán gbogbo ọjà ni a ti ń kùn ún.

Ti àwọn onídìrí, tí wọ́n pọ̀ tí kálukú sì ní ọwọ́ tirẹ̀, yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá yá, àwọn tuntun á wọlé títí AC yóò fi kan ìlà ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gẹ́rẹ́ lókè ibi tí MR ti pàdé MC. Èrè ti di òdo, kò sí onígun mẹ́rin tí a ó kùn. Àwọn kan á wá parí èrò sí pé òfò náà ti lọ. Irọ́ ni: owó ṣì ga ju MC lọ, onígun mẹ́ta ṣì wà.

Ní ti ọjà àwọn olùtajà ńlá díẹ̀, tí ìlà ìbéèrè ní ìgbọ̀nwọ́, èyí tí Paul Sweezy kọ nípa rẹ̀ ní 1939, MR gbọ́dọ̀ já ní tààrà sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ náà. Àlàfo lásán ni. Ẹ má fi ìlà dídà so ó pọ̀, ẹ má sì kun inú rẹ̀.

Bí ìbéèrè bá sọ pé olómi lè gba iye tí kálukú lè san gan-an, ìlà ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti di MR. Yóò ta kẹ́ẹ̀gì 80, òfò yóò di òdo, àmọ́ gbogbo 6,400 yóò bọ́ sápò rẹ̀. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn oníbàárà.