Ooru Tó Ti Lọ Kí Àyẹ̀wò Tó Bẹ̀rẹ̀

Kálísíọ́mù kiloráìdì jẹ́ iyọ̀ funfun kan tó máa ń mú omi gbóná bó bá ṣe ń yòrò. Ìwé àtẹ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì sọ pé gíráàmù 111 rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní móòlù kan, máa ń tú nǹkan bíi kílójúùlù 81 ooru sílẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan da gíráàmù 5.55 sínú gíráàmù 100 omi nínú ife fóòmù. Ó yẹ kí tẹmométà gòkè ní 9.2°C. Ṣùgbọ́n 6.9°C péré ló gòkè, èyí tó túmọ̀ sí kílójúùlù 61 fún móòlù kan. Níbo ni ogún yòókù wà?

Èyí tó máa ń kọ́kọ́ wọ abala àlàyé ìjábọ̀ ni pé ooru gba ara ife sá lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ èló ló sá? Kí ó máa ka tẹmométà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí iyọ̀ bá ti yòrò tán, kí ó ya á sórí gíráàfù, kí ó sì fa ìlà náà padà sẹ́yìn dé ìgbà tó da iyọ̀ sómi. Bí ìlà náà bá dé 7.3°C, ooru tó sá kò ju 0.4°C lọ. Kílójúùlù 64 ló ní báyìí. Àlàfo ṣì fẹ̀.

Ẹlòmíràn á di ẹ̀bi ru 4.18, iye júùlù tó ń fi ìwọ̀n kan kún gbígbóná gíráàmù kan omi lásán. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ kì í gba ooru tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbóná. Bí a bá tún iye yẹn ṣe, èsì á tún kéré sí i ni. Ẹ̀bi tó ń fa èsì sókè kò lè jẹ́ ìdí tí èsì fi kéré.

Ó ku iyọ̀ fúnra rẹ̀. Iyọ̀ yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bíi ti Èkó lásìkò òjò, bó bá sì ti ń fà á ló ń tú ooru sílẹ̀. Èyí tó ti fa omi méjì mọ́ra kò ní ju kílójúùlù 46 lọ mọ́ fún móòlù kan. Èyí tó ti fa mẹ́fà, ńṣe ló máa ń mú omi tutù. Ìyẹn ni pé inú ìgò tí wọn kò dé dáadáa ni ooru náà ti lọ, gíráàfù kankan kò sì lè rí i.

Mo fẹ́ kí àlàyé ìjábọ̀ dé ibi tí a ti lè dán an wò. Bí omi bá jẹ́ ìdí gbogbo àlàfo tó kù, ìṣirò sọ pé gíráàmù 5.55 yẹn ní omi tó tó ìdajì gíráàmù, ó kéré tán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà wọn irú rẹ̀ mìíràn láti inú ìgò kan náà, kí ó yan án nínú ààrò ní 250°C fún wákàtí mélòó kan, kí ó jẹ́ kó tutù nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ó sì tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín, iyọ̀ kò jẹ̀bi, kí ó yẹ tẹmométà wò.